Àkáǹtì kan tàbí àkáǹtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni tọkọtaya ṣe ń pín owó ilé níbí?

Ìyá Tiwa, Líìdísì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹbí. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti ọkọ mi tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí, mo sì fẹ́ gbọ́ bí ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí ṣe ń ṣe tiyín. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, £2,700 ni ó sì ń bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí àti àwọn àyọkúrò yòókù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni èmi ń ṣiṣẹ́, £1,800 ni tèmi. Bí a bá ro owó ilé, owó orí káńsù, iná àti gáàsì, omi, íńtánẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ àti owó náásìrì ọmọ wa pọ̀, £2,500 ni lóṣù.

Láti ìgbà tí mo ti dé ni a ti ń dá owó yìí ní dọ́gbadọ́gba, £1,250 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá san tèmi tán, £550 ló máa ń kù, inú rẹ̀ sì ni owó ọkọ̀, owó fóònù, aṣọ àti ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ti ń jáde. Ọkọ mi ti rí i pé kò rọ̀ mí lọ́rùn, ó sì dá a lábàá pé kí á máa da gbogbo owó oṣù wa sínú àkáǹtì kan ṣoṣo tí orúkọ àwa méjèèjì yóò wà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ire ni ó ń rò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti wà láìní àkáǹtì tèmi. Kí ni ẹ rí sí i?

Alàgbà, Lọ́ńdọ̀nù

Ọmọ mi, mo kí ọ. Àkáǹtì kan ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ń lò láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò sì sí ohun tí ẹnì kan ń ná tí ẹnì kejì kò rí. Ní ìlú yìí, bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó tí ẹ sì ń gbé ilé kan náà, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ti so yín pọ̀ nìyẹn, nítorí náà n kò rí ohun tí o ń sá fún. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé bá ẹnì kan, ẹni tó kù yóò máa rí owó àkáǹtì náà ná, nígbà tí báńkì máa ń ti àkáǹtì tó jẹ́ ti olóògbé nìkan pa títí ìwé yóò fi pé.

Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Mánṣẹ́sítà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ọjọ́ ikú, ó sì ṣe pàtàkì fún àwọn tí wọ́n ní ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe, nítorí ọ́fíìsì tí a ti ń gba àwọn onígbèsè nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, lemọ́lemọ́ ni a sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbéyàwó kì í so àkọsílẹ̀ gbèsè ẹni méjì pọ̀, gbígbé inú ilé kan náà kì í sì í so ó. Ohun tó ń so ó ni kí ẹ jọ ṣí àkáǹtì tàbí kí ẹ jọ yá owó. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ yá owó láti fi ra ilé tàbí mọ́tò, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ yá a lówó lè wo bí ẹnì kejì ti ń san gbèsè tirẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, Ìyá Tiwa, kí ẹ tó lọ sí báńkì rárá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, ìyẹn Experian, Equifax àti TransUnion. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ jókòó, kí ẹ fi han ara yín. Bí gbèsè àtijọ́ kan bá wà níbẹ̀ tí kò tíì parí, ẹ dúró ná.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé, nínú irú àkáǹtì tí a máa ń ṣí yìí, ẹnì kan ṣoṣo lè kó gbogbo owó tó wà níbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí báńkì bá sì gbà kí ẹ ná kọjá ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo gbèsè náà ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú yín, kì í ṣe ìdajì, ìbáà jẹ́ pé ẹnì kan ló ná an. Ẹ sọ fún báńkì láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ àǹfààní náà lórí àkáǹtì yín.

Ìmọ̀ràn tèmi ni àkáǹtì mẹ́ta. Kí owó oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wọ àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹ sì ṣí ẹ̀kẹta ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, tí kò ní í ṣe ohun mìíràn ju kí ó máa san owó ilé lọ. Ẹ gbé gbogbo dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì yín lọ síbẹ̀, kí ẹ sì pàṣẹ fún báńkì kí ó máa gbé ìpín yín lọ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé.

Ní ti ìpín, ẹ ro owó ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, ó di £4,500. Tọkọ jẹ́ ìdá 60 nínú 100 rẹ̀, tìyàwó sì jẹ́ 40. Ẹ wá pín £2,500 bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: £1,500 láti ọ̀dọ̀ ọkọ, £1,000 láti ọ̀dọ̀ ìyàwó. Ohun tó máa kù fún un ni £1,200, tìrẹ yóò sì di £800. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ohun tó kù dọ́gba, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú £1,000 nílé; ìyẹn túmọ̀ sí pé ọkọ yóò dá £1,700, ìyàwó £800. Èmi kò lè sọ fún yín pé ọ̀kan ni ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ owó náásìrì kúrò nínú owó ìyá nìkan, bí àwọn kan ti ń ṣe tí wọ́n á wá ní iṣẹ́ obìnrin náà kò mú èrè wá. Ẹ̀yin méjèèjì ni náásìrì náà ń jẹ́ kí ẹ lè jáde lọ síṣẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Kẹ́ńtì

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ni a jọ ní àkáǹtì kan ní Ìbàdàn tí a fi ń kọ́lé, báńkì sì ní àfi bí àwa méjèèjì bá fọwọ́ sí i kí wọ́n tó san owó. Ó ti ń dá iṣẹ́ dúró. Ṣé kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ni?

Ìyá Tiwa, Líìdísì

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé náà parí. Ti tọkọtaya tó jọ ń san owó ilé níbí ni mo ń béèrè, sà.

Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Mánṣẹ́sítà

Ọ̀rọ̀ wọn wúlò níbì kan. Níbí náà, ẹ lè ní kí báńkì má san owó àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Ó dára fún owó tí ẹ ń tọ́jú láti fi ra ilé. Kò dára fún owó iná àti oúnjẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ báńkì kì í fún irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ní káàdì.

Bọ̀dá Alẹ́, Bámíńgámù

Àǹtí, ẹ má bínú, ìṣirò yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ òru ni mo ń fi kún tèmi. Bí owó mi bá ń pọ̀ sí i tí ìpín mi náà ń pọ̀ sí i, tí ìyàwó mi sì jókòó sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ni mo ń fi oorun mi dù?

Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Mánṣẹ́sítà

Ẹ lè fi owó oṣù gangan ṣe ìpín, kí ẹ yọ ti iṣẹ́ àfikún sọ́tọ̀, kí ẹ sì jọ pinnu ohun tí a ó fi ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ní òru tí ẹ wà níbi iṣẹ́ àti ní ọ̀sán tí ẹ ń sùn? Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ni, òun náà wà nínú ohun tó mú owó òru náà wọlé. Bí ó bá tún bí ọmọ, ẹ ó tún ìṣirò náà ṣe, nítorí pé owó ìsinmi ọmọ tí òfin là sílẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú 100 owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan, lẹ́yìn náà ó máa ń já wálẹ̀ gidigidi fún ọ̀sẹ̀ 33 tó kù.

Màmá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Èmi kò ní í fọwọ́ sí àkáǹtì àpapọ̀ kankan mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi dàrú, kí n tó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àkáǹtì wa ti gbófo. Ohun tó bá wà lórúkọ mi, tèmi ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á.

Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Mánṣẹ́sítà

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín dùn mí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú òfin Íńgílándì àti Wélísì, bí tọkọtaya bá lọ kọ ara wọn sílẹ̀, ilé ẹjọ́ lè wo gbogbo ohun ìní ẹni méjèèjì láìka orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sí. Ohun tí àkáǹtì tiyín ń ṣe ni pé ẹ ó rí owó ná títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Màmá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ohun tí mo nílò ní ọjọ́ náà gan-an nìyẹn. Owó mílíìkì ni n kò rí.

Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Mánṣẹ́sítà

Ìdí tí n kò fi gba Ìyá Tiwa nímọ̀ràn kí owó oṣù rẹ̀ máa wọ àkáǹtì àpapọ̀ tààrà nìyẹn. Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ti dàrú fún, ẹ lè sọ fún báńkì pé ìjà wà, wọn yóò dá àkáǹtì náà dúró. Bí ẹ bá sì ti pa àkáǹtì náà dé, tí kò sí gbèsè tí ẹ jọ jẹ mọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ pé kí wọ́n já okùn tó so yín pọ̀. Kì í já fúnra rẹ̀.

Alàgbà, Lọ́ńdọ̀nù

Mo gbọ́, ẹ ṣeun fún àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ lórí owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Lójú mi, òbí ọkọ àti òbí ìyàwó, inú owó ilé ni owó wọn yẹ kí ó ti jáde.

Bọ̀dá Alẹ́, Bámíńgámù

Bàbá, ẹ dáríjì mí. Bí òbí ẹnì kan bá wà láyé tí ti ẹnì kejì ti lọ, tàbí tí ìdílé kan ń béèrè lójoojúmọ́ tí èkejì kì í béèrè ńkọ́? Nínú owó tó bá ṣẹ́ kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí ó ti ṣe é.

Ìyá Tiwa, Líìdísì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ọkọ mi létí, ó sì gbà pé kí á ṣí àkáǹtì mẹ́ta. Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni ilé iṣẹ́ mi ń san owó, ti ọkọ mi sì jẹ́ oṣooṣù. Ṣé kò ba ìṣirò yẹn jẹ́?

Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Mánṣẹ́sítà

Ó yí i padà, ó sì dára tí o sọ ọ́. Ẹni tó ń gba owó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ń gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹtàlá lọ́dún. £1,800 ní ọ̀nà 13, pín in sí oṣù 12, £1,950 ni owó rẹ gan-an lóṣù. Àpapọ̀ yín di £4,650, ìpín sì sún mọ́ 58 sí 42, èyí tó jẹ́ £1,450 àti £1,050. Kí ó má baà pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ nígbà kan, máa gbé £970 lọ ní gbogbo ìgbà tí owó rẹ bá wọlé. Bí o bá ṣe é ní ìgbà 13, ó pé ìpín rẹ fún ọdún kan. Nítorí pé ọjọ́ owó rẹ yóò máa yí kiri, ẹ fi £300 tàbí £400 sílẹ̀ nínú àkáǹtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì kankan má baà padà.

Ìyá Tiwa, Líìdísì

Ó yé mi báyìí, mà. Ọkọ mi ní òun yóò fi £400 náà sílẹ̀. Ní ti owó àwọn ìyá wa, a kò tíì fẹnu kò. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni èmi tẹ̀ lé, ti Bọ̀dá sì ni ọkọ mi tẹ̀ lé.