Ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó gbẹ̀yìn gbólóhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ṣòfin náà?

Tíṣà: Òótọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: atọ́kùn ló ń ṣíwájú eégún. Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti jogún òfin yẹn.

Atúmọ̀-èdè: Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Látìnì lọ́wọ́ sí i, àmọ́ kì í ṣe ogún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi atọ́kùn parí gbólóhùn kí ẹnikẹ́ni tó bá wọn wí. Akéwì John Dryden la mọ̀ mọ́ ìbáwí náà jù. Lọ́dún 1672, ó fa ìlà kan yọ nínú Catiline, eré tí Ben Jonson kọ lọ́dún 1611. Ìlà náà ń sọ nípa òkú tí ìbẹ̀rù lé ẹ̀mí kúrò nínú wọn, ọ̀rọ̀ tó dúró fún "kúrò nínú" ló sì gbẹ̀yìn. Dryden ní àṣìṣe tí Jonson máa ń ṣe nìyẹn, pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i nínú ìwé tòun. Kò sọ ìdí kankan. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1679, ó sọ pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá rú òun lójú, òun a tú u sí Látìnì kó lè yé òun. Nínú Látìnì, atọ́kùn kì í fi ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ sílẹ̀ kó dá gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ó ti mú un. Nígbà tó tún ìwé rẹ̀ ti 1668 tẹ̀ ní 1684, ó ń kó àwọn atọ́kùn ẹ̀yìn lọ síwájú.

Robert Lowth, tó kọ gírámà ní 1762, kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà léèwọ̀. Ó ní ti ẹ̀yìn bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, ti iwájú ló yẹ ìwé tó wúwo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìmọ̀ràn di òfin.

Ìyá Ìbejì: Òfin yìí ló kó bá ọmọ mi. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, ó fẹ́ sọ "ẹni tí mo kọ̀wé sí" ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi atọ́kùn síwájú, ó tún fi òmíràn sẹ́yìn.

Atúmọ̀-èdè: Mà, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Kó yọ ọ̀kan. Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, kó yọ ti ẹ̀yìn, nítorí àwọn ọ̀gá kan ṣì ń wo òfin yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́: Àwa náà kúkú ń ṣe é. "Ta ni o kọ lẹ́tà náà sí?" Ta ló máa sọ pé "Sí ta ni o kọ lẹ́tà náà"?

Tíṣà: Mo gbà. Ṣùgbọ́n "ní" kò gbà bẹ́ẹ̀. "Ilé wo lò ń gbé?" la ń sọ, bí ẹnikẹ́ni bá fi "ní" parí rẹ̀, gbogbo wa la máa mọ̀ pé ó ṣi í sọ. Atọ́kùn ṣáà ni gírámà wa pe àwọn méjèèjì. Mo ṣì fura sí "sí" yẹn.

Atúmọ̀-èdè: Èmi ò fura sí i. "Ní" gan-an ni mo fẹ́ ká tún yẹ̀ wò.