Ìgbà wo ni ara yín máa ń yá jù lójúmọ́? Ẹ sọ ìrírí yín

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ìwé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi tí mo ń kọ nọ́mbà sí ní wákàtí wákàtí, láti 1 dé 5. 1 ni kí ojú máa pa dé, 5 ni kí ọkàn wà lójú kan. Mo tún ń kọ aago tí mo sùn àti èyí tí mo jí. Nígbà tí mo tò wọ́n wò, láti aago 8 sí nǹkan bí 11:30 àárọ̀ ni 4 àti 5 pọ̀ sí. Láti aago 1 sí 3 ọ̀sán, 2 ni ṣáá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún gbéra díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sùn dáadáa, n kì í rí 5 kankan.

Látìgbà náà, àárọ̀ nìkan ni mo ń gé aṣọ. Rírán ṣeé tú, gígé kò ṣeé tú. Kí àlùmágàjí tó wọ léèsì, mo ní láti ṣẹ́ ẹ po lọ́gbọọgba, kí n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ọrùn àti abẹ́ apá, kí n fi ààyè ìránpọ̀ kún un, kí n sì wò ó pé òdòdó iwájú àti ti ẹ̀yìn kọjú síbì kan náà. Bí oníbàárà bá wọlé tó kí mi níbi ààyè ìránpọ̀ yẹn, tí mo bá padà sídìí aṣọ, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ti fi kún ẹ̀gbẹ́ òsì àbí n kò tíì ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n máa wá gbé aṣọ wọ̀ wò lẹ́yìn aago 12, tí fóònù sì ń wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi títí dìgbà náà. Bọ́tìnnì, ìṣẹ́tí àti ìpè oníbàárà ló ń gba ọ̀sán.

Oníṣirò Owó, Bódìjà
Àmàlà ló ń fa oorun ọ̀sán yẹn, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìgbà tí mo fi ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ojú mi fúyẹ́. Tí mo bá ní àkáǹtì láti parí, mo máa ń jẹ gbàǹja kan ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ojú mi á là kedere.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Agbowó
Oníṣirò, ọ̀rọ̀ yín wọlé lápá kan. Oúnjẹ tó wúwo ń dá kún un, àmọ́ ẹni tí kò jẹun ọ̀sán rárá náà máa ń rẹ̀ lákòókò yẹn. Látìgbà tí èèyàn bá ti jí ni oorun ti ń kó jọ sí i lára. Aago inú ara ló ń tì í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, agbára aago yẹn kì í tíì tó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le sí i, òun ni aránṣọ wa rí nínú ìwé rẹ̀. Oorun ìṣẹ́jú 20 kí aago 3 tó lù dára. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn á wọ oorun ìjìnlẹ̀, yóò sì jí pẹ̀lú orí wíwúwo.

Ti gbàǹja ni mo fẹ́ kí ẹ dá dúró. Kafíìnì inú obì kan náà ló wà nínú kọfí. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, bí wákàtí 5 ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Èyí tí ẹ jẹ ní aago 6, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára yín ní aago 11. Ẹ lè sùn, ṣùgbọ́n oorun náà kì í jinlẹ̀, àárọ̀ yín ló ń sanwó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ kú àṣálẹ́, bàbá. Èmi ń ṣiṣẹ́ òru, ṣé aago 8 àárọ̀ ni kí n wá máa ṣe iṣẹ́ tó le ni? Ìgbà yẹn ni mo ń wá mọ́tò lọ sílé. Aago 4 ìdájí ni tèmi máa ń burú jù.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Agbowó
Ọmọ mi, ti aránṣọ kọ́ nìyẹn fún ọ. Aago 4 sí 5 ìdájí ni ara ẹni tó ń sùn lóru máa ń tutù jù, ibẹ̀ náà ni ojú ti ń ṣì jù. Bí o bá fẹ́ ṣírò òògùn lákòókò yẹn, jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ wò ó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Oorun ọ̀sán ló kù. Mo ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, àmọ́ mi ò rí nǹkan ṣe sí gbohùngbohùn àwọn tó ń polówó ọjà ládùúgbò wa.

Ayàwòrán, Mọ́níyà
Òru lèmi ń ṣiṣẹ́ jù, láti aago 11. Ìyá mi ní ọ̀lẹ ni mí.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Àbúrò, ṣé ara rẹ ló fẹ́ òru ni, àbí ìgbà yẹn ni iná máa ń dé ní Mọ́níyà?

Ayàwòrán, Mọ́níyà
Aago 11 ni iná ń dé lóòótọ́. Mi ò lè dá èwo ni mọ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Agbowó
Tí o bá ní ìsinmi tí kò sí iṣẹ́, wo aago tí oorun ń gbé ọ fúnra rẹ̀ àti èyí tí o jí láìsí pé ẹnikẹ́ni pè ọ́. Àwọn kan wà tí ara wọn ń pẹ́ jí lóòótọ́, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ìbéèrè kan kù tí n kò tíì rí ọ̀nà sí. Tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ ẹbí á kún ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ nìkan kò ní tó fún gígé mọ́. Ẹ̀yin aránṣọ tó wà níbí, báwo lẹ ṣe ń pín in?