Ìṣirò owó oṣù 12 fún òwò epo: fáìlì méjì kò bá ara wọn mu mọ́

Ìyá Elépo, Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn tí mo fẹ́ yá owó lọ́wọ́ wọn ní kí n kọ owó tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde fún oṣù 12, bí ọjà bá dáa àti bí ọjà bá burú. Mo ṣe fáìlì méjì, ọ̀kan fún dáadáa, ọ̀kan fún burúkú. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní owó ṣọ́ọ̀bù inú èkíní yàtọ̀ sí ti èkejì. Ṣé èmi ni mo ní kí onílé fowó kún un ni? Owó ìtẹ̀wé ti lọ, ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ kì í dé lásìkò, iná náà ń lọ ó ń bọ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ fáìlì kan, kí àpótí kan ṣoṣo máa yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ náà tẹ CHOOSE sínú Excel, #NOM? ló ń jáde. Ọjà tí mò ń tà tó 1,000,000 séfà lóṣù. Ẹ gbà mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ
Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ṣe ti dáadáa nìkan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi 0.8 sọ owó tó kù di púpọ̀, burúkú dé nìyẹn. Bí àpótí bá jẹ́ 1, kò ní fi í sọ ọ́. Bó bá jẹ́ 2, á fi í sọ ọ́. SI ti tó, ẹ kò nílò CHOOSE kankan.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Àbúrò, SI lè ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí o fẹ́ fi í sí ni kò dáa. Bí ọjà bá dín kù, owó ṣọ́ọ̀bù kò ní dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Tí o bá sì fi 0.8 sọ owó tó ti wà nísàlẹ̀ òdo di púpọ̀, gbèsè yẹn á kéré sí i, burúkú á wá sàn ju dáadáa lọ.

Ìyá, Excel yín ti Faransé ni, CHOISIR ló mọ̀, àmì `;` ni ẹ ó sì fi ya àwọn nǹkan inú rẹ̀, kì í ṣe `,`. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà: ṣé lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo oníbàárà yín ń sanwó? Èló ló wà lọ́wọ́ yín lónìí? Èló ni àwọn èèyàn ti jẹ yín sílẹ̀?

Ìyá Elépo, Kétu
300,000 ló wà lọ́wọ́. Ta ló ń san lójú ẹsẹ̀ láyé yìí? Bí ọjà bá dáa, nínú 100, 80 á san lójú ẹsẹ̀, ìyókù á san lóṣù kejì. Bó bá burú, ìdajì ni. Ọjà á sì wálẹ̀ sí 800,000. Bí mo bá ní kí wọ́n san lójú ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n á lọ.

Elédìyẹ
Ṣé ìṣirò yìí máa bá adìyẹ mu? Oúnjẹ adìyẹ ti gbówó lórí, ẹyin kò sì jáde tó.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Elédìyẹ, ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tiyín lọ́tọ̀ o, á yé wa dáadáa.

Ìyá, gbèsè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí ojú ewé kan, ẹ pè é ní Aba. B1 ni àpótí tó ń yí gbogbo rẹ̀ padà: 1 ni dáadáa, 2 ni burúkú. Ẹ kọ ti dáadáa sí òpó C, ti burúkú sí D. Ìlà 4 ni ọjà títà, ìlà 5 ni ìpín tó ń san lójú ẹsẹ̀, ìlà 6 ni ìpín tí ẹ fi ń ra epo, ìlà 7 ni ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ iṣẹ́. Ẹ tẹ èyí sí B4, kí ẹ fà á dé B7:

```
=CHOISIR($B$1;C4;D4)
```

Òpó B nìkan ni ojú ewé àwọn oṣù gbọ́dọ̀ máa wò. Bí oṣù kan bá lọ wo C tàbí D tààrà, kò ní yí nígbà tí B1 bá yí, ẹ kò sì ní mọ̀. Bí owó ṣọ́ọ̀bù bá gòkè, ẹ yí i ní C7 àti D7, ojú ewé kan náà, kò ní sọnù mọ́.

Ní ojú ewé àwọn oṣù, òpó B ni oṣù kìíní, ìlà 3 sì ni ọjà títà. Owó ojú ẹsẹ̀ jẹ́ `=B3*Aba!$B$5`. Gbèsè tó wọlé lóṣù kejì, ọjà oṣù tó kọjá ni yóò wò:

```
=B3*(1-Aba!$B$5)
```

Èyí wà ní C5. Owó tó kù ní òpin oṣù kan ni owó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ
Kí ló dé tí kì í ṣe `=SI($B$1=1;C4;D4)`? Ohun kan náà ló ń fún wa.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Ohun kan náà ni, títí ẹnìkan á fi tẹ 3 tàbí kó pa B1 rẹ́. SI á fún un ní burúkú láìsọ nǹkan kan. CHOISIR á kígbe #VALEUR!. Mo fẹ́ èyí tó ń kígbe. Ẹ tún lọ sí Données, Validation des données, Liste, ẹ kọ `1;2`.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Ìyá dán an wò. Mo fi 75 nínú 100 ṣe owó epo ní burúkú, 150,000 fún ìnáwó tí kì í yí. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Oṣù kìíní: 300,000, ẹ fi 400,000 tó wọlé kún un, ẹ yọ 600,000 tí ẹ fi ra epo àti 150,000. Ó ku -50,000. Oṣù kejì, gbèsè 400,000 wọlé, ó di 0. Láti ibẹ̀ ó ń fi 50,000 gòkè lóṣooṣù, ó di 500,000 ní oṣù 12. Ẹni tó bá wo ìparí ọdún nìkan á ní ó dáa. Nítorí náà, bí owó òpin oṣù bá wà ní ìlà 10, ẹ fi `=MIN(B10:M10)` sí òkè ojú ewé àwọn oṣù, kí ẹ rí oṣù tí owó ti kéré jù.

Ìyá Elépo, Kétu
Mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n tèmi kò ní -50,000. Ọjà oṣù kìíní jẹ́ 1,600,000 ní dáadáa, 1,280,000 ní burúkú.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Níbo ni 600,000 ti wá?

Ìyá Elépo, Kétu
Owó tí mo fẹ́ yá ni. Ó ń wọlé, ibi owó tó ń wọlé ni mo fi í sí. Mo fẹ́ fi 500,000 ra táǹkì, kí n lè kó epo pamọ́. Mo máa san 55,000 lóṣù, láti oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀mejìlá.

Ọmọ Kétu
Ìyá, ọ̀rọ̀ táǹkì ni ẹ bá kọ́kọ́ sọ! A ti fi gbogbo òwúrọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ohun mìíràn.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ọ́ báyìí. Owó yíyá kì í ṣe ọjà. Bó bá wà ní ìlà ọjà, burúkú á gé e kù sí 480,000, á mú apá kan rẹ̀ dúró dé oṣù kejì, á tún ra epo tí kò sí. Ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀ láìsí CHOISIR, ẹ fún táǹkì ní tirẹ̀, ẹ fún sísan padà ní tirẹ̀.

Ẹ wá wo burúkú. Oṣù kìíní: -50,000, ẹ fi 600,000 kún un, ẹ yọ 500,000, ó ku 50,000. Lẹ́yìn náà, 50,000 ń wọlé, 55,000 ń jáde: 5,000 ń dín kù lóṣooṣù. Oṣù 11 di 0, oṣù 12 di -5,000, sísan kan sì tún kù. Ìyẹn ni àwọn ayánilówó máa rí. Ẹ béèrè pé kí ìgbà sísan gùn sí i títí owó oṣù kan fi máa kéré sí 50,000.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ
Ṣùgbọ́n táǹkì á jẹ́ kí wọ́n ra epo nígbà tó bá pọ̀. Iye epo kò ní jẹ́ 75 lóṣooṣù.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Òótọ́ ni, ibi tí àpótí kan kò ti tó nìyẹn. Ìpín owó epo á ní ìlà oṣù 12 fún dáadáa àti 12 fún burúkú, CHOISIR á sì wà lórí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìyá nìkan ló mọ iye oṣooṣù.

Ìyá Elépo, Kétu
Mo máa kọ ọ́. Àmọ́ ìgbà tó gùn sí i, èlé á pọ̀ sí i, n kò fẹ́ ẹ.

Oníṣirò Àjàṣẹ́
Ẹ kọ iye méjèèjì síbẹ̀, kí ẹ wo MIN. Ìyá, ẹ kò tíì dáhùn nípa gbèsè àtijọ́. B5 ojú ewé àwọn oṣù ni ibi tó ń lọ, mo fi òdo síbẹ̀ títí di ìgbà náà.