Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: P mẹ́rin lórí ìsọ̀ gàrí ní Bódìjà

Ọmọ_Pólì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní ká mú òwò kékeré kan, ká fi P mẹ́rin yẹ̀ ẹ́ wò: ọjà, iye owó, ibi ìtajà àti ìpolówó, ká sì dábàá àtúnṣe. Ìsọ̀ gàrí kan ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni mo mú. Ìyá tó ni ín gbà kí n máa wá jókòó tì í. Mo kọ ọ́ pé gàrí wọn dára, owó wọn kò wọ́n, ìsọ̀ wọn wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n ṣe pátákó, kí wọ́n sì lọ sórí Fesibúùkù. Olùkọ́ kọ "kò jinlẹ̀" sí i. Kí ni kí n ṣe sí i?

Gbénga_Ìta

Iye owó ni kó o dojú kọ, àbúrò. Bí gbogbo ìlà yẹn bá ń ta kóńgò kan ní 1,000 náírà, dábàá pé kí màmá máa tà á ní 950. Èrò á ya lọ sọ́dọ̀ wọn. Èyí tí wọ́n bá pàdánù lórí kóńgò kan, wọ́n á rí i padà nínú pé ọjà ń yá. Pátákó yẹn náà dáa, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà fóònù hàn gàdàgbà lórí ẹ̀.

Ìyá_Gàrí

Gbénga, òótọ́ ni pé iye owó ló ṣe kókó, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń já a ní ìlà gàrí. Ìsọ̀ fara kan ìsọ̀ ni. Ẹni tó bá já owó láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán aládùúgbò rẹ̀ á ti gbọ́, òun náà á já tiẹ̀. Àwọn àgbà ọjà á wá pè é pé ó ń ba ọjà jẹ́. Nítorí náà, owó tí wọ́n ń pè lẹ́nu kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìsọ̀ kan sí èkejì. Ohun tó wà nínú kóńgò ló ń yàtọ̀.

Àbúrò, jókòó kó o wo ọwọ́ wọn. Ṣé wọ́n ń gé ojú kóńgò ni, àbí wọ́n ń jẹ́ kó ga gogoro débi tí gàrí fi ń ya sílẹ̀? Ṣé wọ́n ń rọra rọ gàrí sínú rẹ̀ láti òkè? Gàrí tí wọ́n bá rọ bẹ́ẹ̀ máa ń fúyẹ́, kì í kì. Ẹni tó bá fi kóńgò gbọ́n ọn nínú àpò, tó sì mì ín lẹ́ẹ̀mejì, tiẹ̀ á pọ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ, kóńgò kan náà sì ni lójú. Oníbàárà tó mọ ọjà kì í dúnàádúrà lórí owó rárá. "Ẹ mì ín dáadáa, ẹ jẹ́ kó ga" ló máa ń sọ, ìdúnàádúrà tiẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, èènì tún wà. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí nínú ohun tó o kọ.

Oníṣirò_Àgbègbè

Mo gbè ẹ̀yin Ìyá_Gàrí lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi owó hàn án. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye wọ̀nyí o, ọmọ pólì, ìwọ ni wàá lọ wá tìrẹ.

Ká ní àpò gàrí kan jẹ́ 60,000 náírà. Owó ọkọ̀, owó alábàárù, tíkẹ́ẹ̀tì àti ìpín owó ìsọ̀ tó kan àpò náà jẹ́ 3,000. Gbogbo owó tí wọ́n ná lórí rẹ̀ di 63,000. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú àpò tuntun, bẹ̀ wọ́n kó o fi kóńgò wọn wọn ọ́n tán, kó o máa gé ojú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 80. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dúró níbẹ̀ á sọ pé 80,000 ló máa wọlé, èrè sì jẹ́ 17,000. Irọ́ ni.

Màmá kì í gé ojú. Ká ní òkìtì orí kóńgò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ kóńgò. Àpò yẹn ò lè ju kóńgò 71 lọ mọ́. Èrè ti bọ́ sí 8,000. Lẹ́yìn náà, fi kóńgò kan wọn èènì wọn, kó o ka ìgbà tí wọ́n á bù ú kó tó tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ 16, tí wọ́n sì ń fi ọ̀kan sí gbogbo kóńgò tí wọ́n bá tà, àpò náà á bọ́ sí kóńgò 67. Owó tó wọlé jẹ́ 67,000, èrè sì jẹ́ 4,000. Èènì nìkan ti kó ìdajì èrè lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni já owó.

Gbénga, wo ti 950 yín níbẹ̀: 67 lọ́nà 950 jẹ́ 63,650. Èrè 650 náírà lórí odindi àpò. Kí wọ́n tó rí 4,000 àtijọ́ padà, wọ́n ní láti ta àpò mẹ́fà ó lé díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹyọ kan.

Gbénga_Ìta

Ó ye mi. Mo gbà fún ti owó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà fún ti pátákó.

Aláta_Sáńgo

Ẹ̀yin èèyàn mi, tòmátì lèmi ń tà, kóńgò yín yìí ò sì ràn mí lọ́wọ́. Apẹ̀rẹ̀ ni mò ń rà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti máa ń fọ́ kí n tó tú u, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo ti ń tà á ní ìdajì owó. Báwo ni kí n ṣe iye owó tèmi?

Ìyá_Gàrí

Aláta, ìbéèrè ọmọ yìí ni a ń dáhùn o! Ṣùgbọ́n ó dáa tẹ́ ẹ mú un wá, torí á jẹ́ kó rí i pé P mẹ́rin kì í rí bákan náà lórí ọjà méjì. Gàrí tó gbẹ lè dúró de oníbàárà, tòmátì ò lè dúró. Kí ẹ ṣà á sọ́tọ̀ bẹ́ ẹ bá ti ń tú u: èyí tó le, èyí tó ti rọ̀, èyí tó ti fọ́. Ẹ tètè gbé èyí tó fọ́ fún olóúnjẹ tó máa lọ̀ ọ́ láàárọ̀ yẹn, nígbà tó ṣì níye lórí. Ẹ má dúró kó di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi í sínú èyí tó le, omi rẹ̀ á ba ìyókù jẹ́.

Ọmọ pólì, ká padà sí ọjà. "Gàrí wọn dára" kò tó. Ó dára fún ta ni? Ẹni tó fẹ́ mu ún ń wá gàrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó gbẹ, tó sì kúnná. Olóúnjẹ tó ń ro ẹ̀bà ń wo bó ṣe ń wú nínú omi gbígbóná, torí bó bá ṣe wú tó ni iye abọ́ tó máa rí. Àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ pupa tí wọ́n fi epo sí. Béèrè àwọ̀ àti irú tí wọ́n ń tà, kó o sì kọ irú ẹni tó ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wo ibi tí wọ́n gbé àpò lé. Bó bá jẹ́ orí sìmẹ́ńtì láìsí pákó, ọ̀rinrin á gba ìdí àpò wọlé lásìkò òjò, gàrí á dì, á máa rùn bí ohun tó hu. Ki ọwọ́ rẹ bọ ìdí àpò, má ṣe wo ojú rẹ̀ nìkan. Àwọn kan máa ń da gàrí tó ti bàjẹ́ yìí mọ́ tuntun. Ẹnu oníbàárà ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kì í sì í padà wá ṣàròyé, ìsọ̀ kejì ló ń bọ́ sí.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Mo ti ka irú iṣẹ́ báyìí rí. Oníṣirò ṣe dáadáa, àmọ́ èmi ò ní fi èènì sábẹ́ iye owó. Ìpolówó ni. Màmá kì í fún un torí pé owó ti pọ̀ jù, wọ́n ń fún un kí oníbàárà lè padà wá ni. Láti ọdún 1960 tí ọ̀jọ̀gbọ́n ìtajà ará Amẹ́ríkà nì, McCarthy, ti to P mẹ́rin yìí ni àwọn nǹkan ti ń bọ́ sáàárín méjì bẹ́ẹ̀.

Ní ti ibi ìtajà, "ó wà lójú ọ̀nà" kì í ṣe àlàyé. Mú wákàtí kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ka iye ẹni tó kọjá, iye ẹni tó dúró, àti iye ẹni tó rà, kó o sì kọ bóyá kóńgò ni wọ́n rà tàbí àpò. Ojú ọ̀nà wúlò fún ẹni tó ń ra kóńgò kan. Ẹni tó ń ra àpò ń wá ibi tí ọkọ̀ ti lè dúró. Ibi ìtajà tún kan ọ̀nà tí gàrí ń gbà wọlé: ta ló ń gbé e wá, ṣé owó ọwọ́ ni àbí àwìn, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ọkọ̀ ò bá dé? Akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ìyẹn.

Oníṣirò_Àgbègbè

Olùkọ́, ẹ má bínú sà, oníbàárà tó san 1,000 tó sì gba kóńgò kan pẹ̀lú èènì ti ra gàrí ní owó tó kéré sí ti ẹni tí wọn ò fún. Iye owó nìyẹn lójú mi. Ṣùgbọ́n kó fi sí ibì kan ṣoṣo, kó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àbá tó lè dá: kí èènì jẹ́ ti ẹni tó bá ra kóńgò mẹ́ta. Bí gbogbo wọn bá ń ra mẹ́ta-mẹ́ta, àpò yẹn á tó kóńgò 69, èrè á jẹ́ 6,000.

Ìyá_Gàrí

Ní ìwé ni. Ẹni tó ń ra kóńgò kan láti bí ọdún mélòó, sọ fún un lónìí pé kò sí èènì fún un mọ́, kó o wò ó bóyá á tún yà. Kó dábàá pé kí wọ́n dín ẹ̀kúnwọ́ kù fún ẹni tó ń ra kóńgò kan, kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ní ti pátákó, Gbénga, ta ló ń ka pátákó ní ìlà tí gbogbo ìsọ̀ ti ń ta gàrí? Fóònù wúlò, kí wọ́n fi máa pe àwọn olóúnjẹ lọ́jọ́ tí tuntun bá dé. Kó kọ ìtọ́wò náà síbẹ̀, ẹ̀kún ìka mẹ́ta tí wọ́n ń bù fún èèyàn kó tó rà.

Ọmọ_Pólì

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ wọn ọ́n. Ìṣòro kan rèé: ìdí kóńgò wọn wọnú. Ṣé kí n kọ ọ́? Wọ́n ṣe mí lóore.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Kọ ọ́. Bí o bá fò ó, bó o ṣe fi wọ́n wé ìsọ̀ míì á wọ́.

Ìyá_Gàrí

Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn o, tàbí pé ó ti já bọ́ rí. Má pè wọ́n ní olè. Bu omi kún un, fi ife kan náà wọn omi ọ̀hún àti ti kóńgò aládùúgbò, kó o kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ láìdárúkọ ìsọ̀. Fi èsì hàn wọ́n kó o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Gbénga_Ìta

Èmi ò ní fi hàn wọ́n o. Wọ́n lè lé e kúrò kó tó parí.