Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ta ló lè bá mi ka ìwé Faransé tí wọ́n fi sínú àpótí lẹ́tà mi?

Ìyá Ìbejì (olùbéèrè): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo ya fọ́tò ìwé kan tí mo bá nínú àpótí lẹ́tà mi níbí, ní ìgbèríko Páríìsì. Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ tí mo fi làálàá rán nílé ẹ̀kọ́ kò ráyè bá mi kà á. Àkọ́bí ní kí n má da òun láàmú. Èkejì wò ó fìrí, ó rí “étude”, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni, mo sì lọ dààmú olùkọ́ wọn lásán. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé wa ti ń wò mí tìfura-tìfura láti ìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?

Alájàpá: Wọ́n kọ “avis de passage” sókè rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnì kan wá, kò bá yín nílé. Afìwéránṣẹ́ ló máa ń fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń tọ́jú lẹ́tà àfọwọ́sígbà. Èmi fi tèmi falẹ̀, báálì àǹkárá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́.

Ògbufọ̀: Alájàpá mọ ìtumọ̀ àkọlé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe afìwéránṣẹ́ ló wá. Béélífù ni, ẹni tí òfin yàn láti máa jíṣẹ́ ìwé kóòtù. “Étude” tí ọmọ yín rí ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ìlà kejì sọ irú ìwé tó mú wá, “injonction de payer”, àṣẹ kóòtù pé kí ẹnì kan san gbèsè. Ọ́fíìsì náà yóò tọ́jú ìwé gan-an fún oṣù mẹ́ta, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ láti gbà á. Ṣùgbọ́n fọ́tò yín gé ìsàlẹ̀ ìwé kúrò, níbi tí ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá wà. Ọjọ́ wo ló wá, ta ni ó sì ń wá?

Bàbá Àgbà: Ẹ má lọ síbẹ̀ o! Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ẹ kò gbà á nìyẹn, wọn kò sì lè ṣe yín ní nǹkan kan.

Ògbufọ̀: Ẹ dákun, Bàbá, ìmọ̀ràn yìí ti kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Ọjọ́ tí béélífù wá ni òfin ń kà sí ọjọ́ tí ìwé dé, kì í ṣe ọjọ́ tí a lọ gbà á. Oṣù kan ni onígbèsè ní láti kọ̀wé tako àṣẹ náà ní ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù tó pa á, orúkọ kóòtù náà sì wà nínú ìwé tó wà lọ́dọ̀ béélífù. Lóòótọ́, ẹni tí wọn kò fi ìwé lé lọ́wọ́ lè ráyè tako ó lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn wọ́n lè ti gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀ ní báńkì.

Bàbá Àgbà: Ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín pé àyè ṣì wà.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá béélífù tòótọ́ ni. Àwọn gbájúẹ̀ ń tẹ irú ìwé yìí. Ẹ wá nọ́ńbà ọ́fíìsì náà níbòmíràn kí ẹ tó pè, ẹ má pe èyí tó wà lórí ìwé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Èmi kì í jẹ gbèsè, gbogbo ọjà ló mọ̀ mí. Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí ni wọ́n kọ sí i. Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ó ti padà sí Kútọnù láti ọdún tó kọjá.

Ògbufọ̀: Áà! Ìyẹn yí gbogbo rẹ̀ padà. Òní ti di 27. Gbèsè náà kì í ṣe tiyín, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún un. Ẹ kò sì lè gba ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé yàn yín, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹ pè é lónìí, torí ọwọ́ rẹ̀ ni àtakò wà. Ẹ tún kọ lẹ́tà sí béélífù pé kò gbé ibẹ̀ mọ́. Orúkọ rẹ̀ ha ṣì wà lára àpótí lẹ́tà yín bí?

Ìyá Ìbejì: Ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n má yọ ọ́.

Ògbufọ̀: Orúkọ yẹn wà lára ohun tí béélífù fi gbà pé ilé yín ni ó ń gbé. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò máa wá.

Ìyá Ìbejì: Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ń bọ̀ ní àdírẹ́sì yìí. Bí mo bá yọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ yóò dà lé mi lórí lọ́dọ̀ ìyá wa.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ tọ́jú rísíìtì tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì yín dáadáa o, kí ẹ lè fi hàn pé tiyín ni bí wọ́n bá wá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù inú ilé nítorí gbèsè rẹ̀. Ṣé ẹ fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún un àbí ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ìwé kan wà tí mo fọwọ́ sí nígbà tí ó ń ra ọkọ̀. N óò wá a.