Bàbá ọmọ mi ní òun ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Aránṣọ, Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù 14 tí mo ti kó kúrò lọ́dọ̀ bàbá ọmọ mi. Birikìlà ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti gbowó ọ̀sẹ̀ ní Sátidé, ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń gbà lọ. Àwa obìnrin 12 la jọ ń dá àjọ ní 10 000 sẹ́fà lóṣù. Nígbà tó kàn mí, mo kó 120 000, mo dì í sínú ìrépé aṣọ kan, mo sì fi í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrépé náà wà níbẹ̀, wọ́n tún un dì dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí owó nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó gbà tún un dì yẹn dùn mí ju owó náà lọ, nítorí pé mo ṣì ní láti dá àjọ fún oṣù méje sí i.

Ní báyìí, ó ti dá 70 000 padà, ó sì rán àǹtí rẹ̀ sí mi pé òun ti yí padà. Ọkàn mi ṣì ń fà sí i. Kí ni kí n fi dán an wò?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ọmọ mi, pè é wá sílé, kí o gbàgbé 50 000 sórí tábìlì, kí o sì lọ sọ́jà. Bí o bá bá owó náà pé, ọkùnrin náà ti yí padà.

Ẹni tó ti rí i rí, Ìpòbẹ́
Àbúrò, má padà o. Tèmi náà sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, mo padà, kò sì pé oṣù kan tó tún fi gbá mi létí lójú àwọn ọmọ.

Bàbá Onílàjà, Sábẹ̀ẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa ará Ìpòbẹ́. Ẹni tó ń lu obìnrin kì í ṣe ẹni tí à ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti dán an wò, nítorí ara ẹni la ó fi san owó ìdánwò náà. Ọ̀rọ̀ ti aránṣọ yìí yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ ò jìnnà sí òótọ́, nítorí ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹ̀ ló yẹ ká wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ojúrere kò ní fọwọ́ kan owó orí tábìlì. Owó tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ mi, sọ fún un pé o kò ní dáhùn títí di ìgbà tí ọdún bọ́ọ̀lù kan yóò fi parí. Bó bá fara mọ́ ọn láìbínú, tí kò sì rán ẹbí sí ọ lójoojúmọ́, ohun kan wà níbẹ̀. Bi í pé ìgbà wo ló ta tẹ́tẹ́ kẹ́yìn. Ẹni tó jáwọ́ lóòótọ́ sábà máa ń rántí ọjọ́ tó tún ṣubú, a sì sọ ọ́ fún ọ. Ẹni tó bá ní òun kò tún rò ó rí láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Jọ̀wọ́, ìgbà wo ni 70 000 náà wọlé?

Aránṣọ, Kétu
Mo ṣí tẹlifóònù mi wò, Bàbá. Ó fi 5 000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lóṣooṣù, láti oṣù kejì tí mo kúrò. Lẹ́yìn náà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ fún oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni 40 000 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àǹtí rẹ̀ wá.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ ò rí i! Ó ń sapá.

Bàbá Onílàjà, Sábẹ̀ẹ́
5 000 mẹ́fà yẹn wúwo lójú mi ju 40 000 lọ, nítorí pé kò tíì máa bẹ̀ ọ́ nígbà náà. Birikìlà tó ń san 5 000 lóṣù, níbo ló ti rí 40 000 lẹ́ẹ̀kan náà? Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ó lè jẹ́ gbèsè tuntun, ó sì lè jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ló jẹ. Bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́, owó tó fi ń bẹ̀ ọ́ gan-an ni ẹ̀rí pé kò tíì jáwọ́. Bi í nípa oṣù márùn-ún yẹn pẹ̀lú.

Aránṣọ, Kétu
Mo bi í lálẹ́ àná. Ó ní òun ṣàìsàn láàárín oṣù márùn-ún náà, àti pé ògiri ilé ìyá kan lẹ́bàá ọjà ni òun mọ tí wọ́n fi san 40 000 fún òun. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Oníbàárà mi ni ìyá náà, yóò sì wá gba bùbá rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá kí n bi í.