Àbúrò mi ń rù, ó ń tọ̀ ṣáá, ṣé ká dúró di Mọ́ńdè?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, àbúrò mi ọkùnrin ń rù bó tiẹ̀ ń jẹun dáadáa, òùngbẹ ò jẹ́ kó sinmi, ìtọ̀ ò jẹ́ kó sùn. Wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó jẹun, 310 ló jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní tó bá ti ju bíi 180 lọ, kíndìnrín ò lè dá gbogbo ṣúgà padà mọ́, á bá ìtọ̀ lọ, á sì wọ́ omi ara lọ, ìyẹn ló ń fa òùngbẹ, ara ò wá rí ṣúgà lò, ló bá ń jó ọ̀rá àti iṣan. Mínírà ló sì fi ń pa òùngbẹ o (ẹ gbà mí!). Láti àná ó ti ń bì, ó ń mí kíákíá. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni dọ́kítà fún wa, ṣé ká dúró ni àbí ká gbé e lọ sí ẹmájẹ́ńsì lálẹ́ yìí?